Bí mo ṣe tú ìlà èlé àti ìtanràn inú sitétímẹ́ǹtì ẹ̀yáwó mi

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń yáwó ní báńkì, iye tó gbẹ̀yìn sitétímẹ́ǹtì nìkan la máa ń wò. Tí iye yẹn bá ti ń wálẹ̀ lóṣooṣù, ọkàn wa balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó lè máa bọ́ lápò ẹni nínú àwọn ìlà tó wà lókè rẹ̀, kí iye ìsàlẹ̀ sì máa wálẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi nìyẹn lọ́dún 2024. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí pé bí mo ṣe ń bá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ ni mo ń rí i pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ wọn, wọn ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mo yá ₦3,000,000 ní báńkì láti fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé. Oṣù méjìlá ni àdéhùn wa, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọ̀ọ̀kan ni ọjọ́ ìsanwó, èlé sì jẹ́ 30% lọ́dún lórí ojúowó tó bá ṣẹ́ kù. Lóṣooṣù, n ó san ₦250,000 nínú ojúowó, n ó sì fi èlé oṣù yẹn lé e. Bí ojúowó bá ṣe ń dín kù ni èlé náà yóò máa dín kù. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ ìsanwó kan fún mi, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé irú ẹ̀yáwó báyìí, ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka èlé rẹ̀, kì í ṣe oṣù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

```
èlé = ojúowó × 30 ÷ 100 × iye ọjọ́ ÷ 365
```

Ẹ jẹ́ ká fi ìsanwó karùn-ún mi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ìsanwó mẹ́rin, ojúowó tó kù jẹ́ ₦2,000,000. Èlé ọdún kan lórí rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Tí a bá pín ìyẹn sí ọ̀nà 365, èlé ọjọ́ kan jẹ́ ₦1,643.84. Láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà jẹ́ ọjọ́ 31, nítorí náà èlé oṣù yẹn jẹ́ ₦50,958.90. Tí a bá fi ₦250,000 kún un, ohun tí mo gbọ́dọ̀ san jẹ́ ₦300,958.90. Iye tó wà lórí àtẹ ìsanwó gan-an nìyẹn. Títí di ibẹ̀, kò sí ìjà.

Ní ọdún yẹn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà bọ́ sí Sátidé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Iléyá, ìjọba sì fúnni ní ìsinmi ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlógún àti ọjọ́ kejìdínlógún. Mo ti mọ̀ pé báńkì kò ní ṣí, torí náà mo fi owó náà ránṣẹ́ ní Fúráìdè, ọjọ́ kẹrìnlá, láti báńkì kejì tí mò ń lò. Ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Mo rí àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí fóònù mi, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ oṣù yẹn ti parí.

Ní ìparí oṣù keje ni mo ní kí wọ́n fi sitétímẹ́ǹtì àkáǹtì ẹ̀yáwó náà ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kí ẹ kíyè sí i, àkáǹtì ẹ̀yáwó ni mo wí. Àkáǹtì tí a ń rí lórí fóònù, ìyẹn èyí tí a ń kówó sí, kò sọ ju pé báńkì yọ owó kan lọ. Bí wọ́n ṣe pín owó náà sí ojúowó, èlé àti ìtanràn, inú ti ẹ̀yáwó nìkan ló wà, ọ̀pọ̀ báńkì kì í sì í fi í ránṣẹ́ àyàfi téèyàn bá béèrè.

Ìlà tó kọ́kọ́ gbà mí lójú ni `PENAL CHG`, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà, ₦20,000. Òmíràn tún wà ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje, ₦17,500. Lóṣù méjì tí mo sanwó tó yẹ lásìkò tó yẹ, wọ́n ti bù mí ní ìtanràn ₦37,500.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àkáǹtì mi. Ọmọlúàbí ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

“Mọ̀mí, kọ̀ǹpútà ló gbé e jáde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó tó tẹ̀ ẹ́.”

“Ó yé mi, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ni kọ̀ǹpútà wò kó tó sọ pé ₦20,000 ni?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun máa wádìí rẹ̀. Èmi náà kò dúró dè é, mo mú bírò.

₦20,000 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ₦2,000,000. ₦17,500 sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ₦1,750,000, ìyẹn ojúowó tó kù lẹ́yìn ìsanwó karùn-ún. Ó wá hàn sí mi pé orí gbogbo gbèsè ni wọ́n ń ka ìtanràn lé, àti èyí tí àsìkò rẹ̀ ti tó àti èyí tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó rárá. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní CBN, ní ìwé ìlànà kan tó to iye tí báńkì lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Èyí tí wọ́n ń lò nígbà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ó wà lórí ìkànnì wọn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tó sọ ni pé ìtanràn ìdáwódúró jẹ́ 1% lóṣù lórí iye tí wọn kò san. Iye tí wọn kò san, kì í ṣe iye tó kù nílẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mi ò san kọ́bọ̀ lóṣù kẹfà, 1% ti ₦300,958.90 ni ẹ̀tọ́ báńkì, ìyẹn ₦3,009.59. Wọ́n ti fi ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà gbà á.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan síbí kí ẹnì kan má baà lọ bá báńkì jà lórí ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Téèyàn bá jẹ gbèsè oṣù kan lóòótọ́, ìlànà náà gbà kí báńkì ka èlé lórí rẹ̀, kó sì tún ka ìtanràn lé e. Rírí èlé àti ìtanràn pa pọ̀ lórí owó kan náà kì í ṣe àṣìṣe. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé lórí èló ni, àti láti ọjọ́ wo.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló gba òye jù nínú gbogbo rẹ̀. Èlé tí wọ́n kọ fún oṣù keje jẹ́ ₦43,972.60, àtẹ ìsanwó mi sì sọ pé ₦43,150.68. Ìyàtọ̀ náà kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì ní kò tó nǹkan. Èmi yí ìṣirò náà padà láti mọ ìdá tí wọ́n lò: mo fi 365 sọ èlé náà di púpọ̀, mo fi ojúowó pín in, mo tún fi ọjọ́ 30 pín in, mo sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. 30.57% ló gbé jáde dípò 30%. Èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti dọ́gbọ́n fi kún èlé. Kì í ṣe èrò burúkú lọ́dún yẹn, torí pé CBN gbé ìdá èlé tirẹ̀ láti 18.75% sí 22.75% ní oṣù kejì, ó sì ti dé 26.25% ní oṣù karùn-ún. Àwọn báńkì sì ń kọ̀wé sí àwọn tó jẹ wọ́n lówó pé èlé ti gbéra. Ìwé àdéhùn mi náà fún báńkì láyè láti fi kún un, bí wọ́n bá ti kọ̀wé fún mi ṣáájú. Ṣùgbọ́n mi ò gba ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni 30.57 kò jọ iye tí ẹnikẹ́ni máa jókòó mú. Tí báńkì bá fẹ́ gbé èlé sókè, 31 tàbí 32 ni wọn ó mú. Tí ìdá tó jáde bá ti rí wọ́gọwọ̀gọ báyẹn, ọjọ́ ni kéèyàn lọ wò, tàbí ojúowó.

Sitétímẹ́ǹtì máa ń ní òpó ọjọ́ méjì. Ọ̀kan ni `Trans Date`, ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan náà sínú ìwé. Èkejì ni `Value Date`, ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ìṣirò èlé. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ kan náà ni méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò wọ́n. Lójú ìlà ìsanwó mi ti oṣù kẹfà, ọjọ́ kọkàndínlógún ló wà lábẹ́ `Value Date`. Owó mi ti wà nínú àkáǹtì láti ọjọ́ kẹrìnlá, ṣùgbọ́n ètò báńkì kò fà á lọ sínú ẹ̀yáwó títí wọ́n fi dé látinú ìsinmi Iléyá ní Wẹ́sìdeè. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n ń ka èlé lórí ₦2,000,000 dípò ₦1,750,000. Èlé ọjọ́ mẹ́rin lórí ₦250,000 jẹ́ ₦821.92. Ìyàtọ̀ tí mò ń wá gan-an nìyẹn, kò lé kọ́bọ̀ kan, kò dín kọ́bọ̀ kan.

Ibẹ̀ náà ni ìtanràn kìn-ín-ní ti jáde. Kọ̀ǹpútà rí i pé ọjọ́ ìsanwó jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, owó wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó sì kọ ọ́ pé mo pẹ́.

Ìtanràn kejì ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń san ẹ̀yáwó mọ̀ nípa rẹ̀, torí pé ìtanràn kìn-ín-ní ló bí i. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, mo fi ₦293,150.68 tó wà lórí àtẹ ránṣẹ́. Báwo ni báńkì ṣe pín in? Ìtanràn ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ₦20,000. Lẹ́yìn náà wọ́n mú èlé, ₦43,972.60. Èyí tó ṣẹ́ kù, ₦229,178.08, ni wọ́n fi dín ojúowó kù. Ṣùgbọ́n ₦250,000 ni ojúowó oṣù yẹn. Kọ̀ǹpútà bá tún kọ ọ́ pé mo jẹ ₦20,821.92, ó sì tún bu ìtanràn mìíràn lé mi, lórí odindi ₦1,750,000 lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí mi ò bá tètè rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe rí ní oṣù kẹjọ: wọn ó kọ́kọ́ mú ₦17,500, ojúowó á tún dín, ìtanràn á tún jáde. Èèyàn lè máa san iye tó wà lórí àtẹ láìyẹ̀ fún ọdún kan gbáko kó sì jẹ́ ajigbèsè lójú báńkì lóṣooṣù. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé kéèyàn wo ìlà ojúowó nìkan, oṣù dé oṣù. Tó bá yẹ kó jẹ́ ₦250,000 lóṣooṣù, tó wá já sí iye kan tó ní kọ́bọ̀ lẹ́yìn, nǹkan kan ti jẹ níbẹ̀ ṣáájú.

Kí n tó kọ̀wé, mo lọ ka ìwé àdéhùn láti òkè délẹ̀. Lójú ewé kẹta, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé tí ọjọ́ ìsanwó bá bọ́ sí ọjọ́ tí báńkì kì í ṣiṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e ni yóò di ọjọ́ ìsanwó, èlé yóò sì máa kà títí di ọjọ́ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn yìí gba ₦821.92 lọ́wọ́ mi, torí pé ó fún báńkì lẹ́tọ̀ọ́ sí èlé ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ṣùgbọ́n ó gba ìtanràn lọ́wọ́ báńkì pẹ̀lú. Bí ọjọ́ kọkàndínlógún bá jẹ́ ọjọ́ ìsanwó, owó tó wọlé ní ọjọ́ kọkàndínlógún kò pẹ́. Báńkì kò lè fi gbólóhùn kan náà gba èlé kó sì tún pa á tì nígbà tó bá kan ìtanràn.

Nítorí náà mi ò bèèrè ₦821.92 náà. Ó dùn mí pé owó mi wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì ń ka èlé lé mi lórí, ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí i. Ìwé ìbéèrè tó bá ní ohun kan tí kò tọ́ nínú á sọ èyí tó tọ́ di aláìlágbára, òun ni wọn ó kọ́kọ́ dáhùn, wọn ó sì fi ti gbogbo rẹ̀ pa.

Ìmeèlì ni mo fi kọ ọ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin yẹn. Mi ò kọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo kọ ọjọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú sitétímẹ́ǹtì, iye tó wà níbẹ̀, iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ìdí. Mo so àlẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kẹrìnlá, sitétímẹ́ǹtì àti ewé kẹta ìwé àdéhùn mọ́ ọn. Ìbéèrè tí mo fi parí rẹ̀ rí báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìtanràn méjèèjì kúrò, ẹ dá ₦20,000 tí ẹ ti mú padà sórí ojúowó, kí `Value Date` rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje.”

Wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn sọnù. Tí báńkì kò bá yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ni lọ́rùn, èèyàn lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng. Báńkì ni wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn kọ́kọ́ dé, nọ́ńbà yẹn ló sì ń jẹ́rìí pé ó débẹ̀.

Kò di ti CBN lọ́rọ̀ tèmi. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọmọkùnrin náà pè mí.

“Mọ̀mí, wọ́n ti dá a padà o. Àmọ́ ₦8.22 ṣì kù nínú rẹ̀.”

Mo ṣí i, mo rí ₦37,491.78. Ó yà mí lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan, kí n tó ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mo sanwó oṣù keje, iye orí àtẹ ni mo fi ránṣẹ́, kò sì ka èlé ọjọ́ mẹ́rin yẹn kún un. Lóòótọ́ ni mo jẹ ₦821.92, 1% rẹ̀ sì jẹ́ ₦8.22. Ìṣirò tó péye ni, ìlànà tí mo fi bèèrè tèmi náà ni wọ́n tẹ̀ lé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Láti ìgbà náà, tí ọjọ́ ìsanwó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìsinmi, mi ò wo ògiri mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n fún mi ní iye gan-an tí ẹ̀yáwó náà máa béèrè lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù. Wọ́n dá ₦20,000 padà pẹ̀lú `Value Date` ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé fún ọjọ́ 30, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, èlé ti ń kà lórí ₦20,000 tó yẹ kó ti kúrò nínú gbèsè mi, ₦493.15. Ibí yìí ni àtúnṣe ti máa ń ṣẹ́ kù sí ìdajì, torí pé téèyàn bá ti rí owó tó wọlé, ó ti tán lọ́kàn rẹ̀. Mo fèsì sí ìmeèlì kan náà, lábẹ́ nọ́ńbà kan náà, mo tọ́ka sí ìbéèrè tí mo fi parí ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún ọjọ́ náà ṣe, èlé náà sì kúrò.

Nígbà tí mo san èyí tó gbẹ̀yìn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, mo gba ìwé tó sọ pé mi ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Mo tún bèèrè ohun tí wọ́n ti kọ nípa mi ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, torí pé báńkì máa ń fi bí a ṣe ń san ẹ̀yáwó ránṣẹ́ síbẹ̀, yíyọ ìtanràn kúrò nínú sitétímẹ́ǹtì kò sì ní kó kúrò lọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Oṣù kẹfà àti oṣù keje ṣì wà níbẹ̀ pé mo pẹ́. Mo fi lẹ́tà tí báńkì fi gbà pé àṣìṣe ni ìtanràn náà ránṣẹ́ padà sí báńkì, mo ní kí wọ́n tún oṣù kẹfà kọ. Ti oṣù keje, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, ₦821.92, kì í ṣe ₦20,821.92. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ báyìí.